Òpó Iná Kì Í Hù Láàárín Títì

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò ṣòro láti ṣàlàyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kì í sábà ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn kan ń rìn káàkiri ìgboro, wọ́n ń fi ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tó dà bí fóònù ńlá sàmì sí ibi tí òpó iná kọ̀ọ̀kan wà. Àwọn àmì náà á wọlé sórí kọ̀ǹpútà mi. Lórí kọ̀ǹpútà mi, títì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlà kan ṣoṣo tó gba àárín ọ̀nà kọjá. Èmi á ní kí kọ̀ǹpútà wá ìlà tó sún mọ́ àmì kọ̀ọ̀kan jù lọ, kí ó fa àmì náà lọ síbẹ̀, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìlà yẹn, kí ó sì kọ iye mítà tó wà láàárín ibi tí àmì wà tẹ́lẹ̀ àti ibi tí ó lẹ̀ ẹ́ sí. Iye mítà yẹn ni a ń pè ní àlàfo. Bí iṣẹ́ bá ti parí, a ó mọ títì tó ni òpó kọ̀ọ̀kan, a ó sì mọ̀ bóyá ẹni tó sàmì sí i dúró síbi tó yẹ kó dúró.

Etí títì ni òpó iná máa ń wà. Nítorí náà àlàfo tó dára kì í ju mítà mẹ́ta sí mẹ́fà lọ. Bí títì bá fẹ̀, ó lè tó mẹ́jọ. Sátẹ́láìtì tó ń sọ ibi tí ẹ̀rọ náà wà máa ń ṣì í mú díẹ̀, pàápàá níbi tí ilé gíga bá ti ká ojú ọ̀run mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi ààlà sí mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àmì tí àlàfo rẹ̀ bá kọjá ibẹ̀, kọ̀ǹpútà á kùn ún ní pupa, ẹni tó lọ sàmì sí i á sì ní láti dáhùn.

Èmi ni mo fi ààlà yẹn síbẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó bá mi dá sí i.

Ọ́fíìsì wa wà lókè ilé ìtajà kan ní Peckham, ní London, kò jìnnà sí Queens Road. Iléeṣẹ́ kékeré ni, káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ àdúgbò náà, ló ń gbé iṣẹ́ fún un. Kí n tó débẹ̀, ọdún méjìdínlógún ni mo fi ń ti aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì kiri nínú ilé ìwòsàn. Ìyàwó mi ló lé mi padà sí ilé ìwé. Mo ti lé lógójì ọdún nígbà náà. Ó ní òun kò fẹ́ kí ó jẹ́ pé bẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni n ó máa tì títí tí wọn yóò fi gbé èmi náà lé e. Mo lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì lálaalẹ́ fún ọdún mẹ́ta, láàárín àwọn ọmọ tí mo lè bí. Ó rí ìwé ẹ̀rí náà. Ó rí mi bí mo ṣe ń wọ ọ́fíìsì fún ọdún méjì. Ó ti di ọdún mẹ́rin báyìí tí ó ti kú.

Mo sọ èyí kí ẹni tó bá ń ka ìwé yìí lè mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ fún mi. Kì í ṣe àwáwí.

Obìnrin kan wà lára àwọn tó ń jáde lọ sàmì. Yóò tó ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ibí ni wọ́n bí i sí, ẹ́sìtéètì kan ní Peckham níbí, àwọn ilé alájà tí káńsù kọ́, ló sì dàgbà sí. Mọ́sáláṣí kan náà ni èmi àti àwọn òbí rẹ̀ ń lọ. Nígbà tó wà ní kékeré, ìyàwó mi ló kọ́ ọ ní kéú ní àràárọ̀ Sátidé. Ó ní ọmọbìnrin kan, ọlọ́dún mẹ́rin, yàrá kan ni wọ́n sì jọ ń sùn nílé àwọn òbí rẹ̀. Uncle ló ń pè mí. Yorùbá rẹ̀ dà bí ẹni pé ó kọ́kọ́ gba ẹnu òyìnbó kọjá kí ó tó jáde, ṣùgbọ́n kò tijú rẹ̀. Ní òwúrọ̀, bí mo bá ti kí i, tí mo sì béèrè ọmọ rẹ̀, á wo aago ọwọ́ rẹ̀.

“Uncle, ṣé ẹ ti sọ̀rọ̀ tán fún today?”

N ó ní ó ku kíkí ìrọ̀lẹ́. Òun á rẹ́rìn-ín lọ.

Iléeṣẹ́ wa máa ń fi oṣù mẹ́fà dán ẹni tuntun wò kí wọ́n tó fún un ní ìwé iṣẹ́ tó dúró. Ó ti lo oṣù márùn-ún. Ó ti rí ilé kékeré kan ní Lewisham, yàrá méjì, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ilé náà ní òun kò ní fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì dúró. Ó sọ èyí fún mi lọ́jọ́ kan tí a jọ ń dúró de omi gbígbóná. Ó ní ọmọ òun ti mú àwọ̀ tí wọn yóò fi kun yàrá tirẹ̀.

Lọ́dún tó ṣáájú, òpó iná etí títì ìgboro nìkan ni káńsù ní kí a kà. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, wọ́n fi òpó inú ẹ́sìtéètì kún un. Ọ̀gá wa, obìnrin òyìnbó kan tó kéré sí mi ní bí ọdún mẹ́wàá, gbé àwọn ẹ́sìtéètì fún un. Ọgbọ́n ni. Ó mọ ọ̀nà abẹ́ ilé, ó mọ ọ̀nà ẹ̀yìn ilé, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò sì ní máa bi í léèrè ohun tó ń wá.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, àmì mẹ́tàdínláàádọ́ta wọlé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, gbogbo wọn láti inú ẹ́sìtéètì kan ṣoṣo, èyí tí òun fúnra rẹ̀ dàgbà sí. Mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, kí n má baà fọwọ́ kan ojúlówó. Mo wá ní kí kọ̀ǹpútà lẹ̀ wọ́n mọ́ ìlà. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mọ́kànlélógójì nínú wọn pupa. Àlàfo mítà méjìdínlọ́gbọ̀n. Mítà mẹ́rìndínlógójì. Ọ̀kan tó mítà méjìléláàádọ́ta. Mẹ́fà péré ló dára.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n ṣí máàpù, kí n wo ibi tí wọ́n wà. N kò ṣí i. Tábìlì nọ́ńbà ni mo wò, mo wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì rò pé ilé gíga ló da sátẹ́láìtì láàmú, tàbí pé ó dúró síbì kan nínú òjò tó ń tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ láìrìn dé ìdí òpó. Òjò rọ̀ ní Ọjọ́ Ajé. Mo kọ ìlà méjì sí i lórí ímeèlì. Mo ní àlàfo mọ́kànlélógójì ti pọ̀ jù. Mo ní kí ó dín wọn kù kó tó di Ọjọ́bọ̀.

Bí mo ṣe máa ń kọ̀wé náà nìyẹn. Ìyàwó mi máa ń sọ pé lẹ́tà mi dà bí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ìgò oògùn.

Ó dá mi lóhùn kíá. Ó ní, “Okay Uncle, ẹ má worry.”

Ẹlòmíràn ì bá bi mí léèrè pé báwo ni kí òun ṣe dín in kù. Òyìnbó ọ̀dọ́kùnrin tó ń ka àwọn ọ̀nà ìhà East Dulwich máa ń wá dúró sí ẹ̀yìn àga mi bí mo bá pe àmì rẹ̀ kan ní pupa, á sì máa bá mi jiyàn títí tí ilẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú. Ṣùgbọ́n ọkọ ìyá kéú rẹ̀ ni mo jẹ́ fún obìnrin yìí. Wọ́n ti kọ́ ọ pé bí àgbà bá ní kí o ṣe nǹkan, ṣíṣe ni. Mo mọ̀ pé wọ́n kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi wà lára àwọn tó kọ́ ọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, kí aago méjìlá tó lù, fáìlì rẹ̀ padà wọlé. Mo tún un lẹ̀. Mọ́kànlélógójì náà kò pupa mọ́. Òdo ni àlàfo gbogbo wọn. Òdo, òdo, òdo, títí dé ìsàlẹ̀.

Kò sí bí ẹni tó dúró sídìí òpó iná ṣe lè mú òdo wá. Ìlà náà gba àárín títì, òpó iná kì í sì í hù láàárín títì. Bí àlàfo bá jẹ́ òdo, ìka ènìyàn ló gbé àmì náà síbẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé jáde máa ń jẹ́ kí wọ́n fi ìka wọ́ àmì, bí wọ́n bá sì wọ́ ọ dé ìtòsí ìlà, á fò mọ́ ọn fúnra rẹ̀. Mo kọ́ wọn nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé wọn kò gbọdọ̀ lò ó. Mo rò pé mo kọ́ wọn. Ó lè jẹ́ pé gbólóhùn kan ni mo fi sọ ọ́.

Èsì iṣẹ́ mi máa ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tààrà. N kò tíì dìde lórí àga tó fi pè mí, ó sì ti pe obìnrin náà pẹ̀lú.

Yàrá ìpàdé wa kéré. Àga mẹ́rin ló wà níbẹ̀, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí ojú irin. Ọ̀gá tẹ́ ìwé tí àwọn nọ́ńbà náà wà sórí tábìlì, ó fi pẹ́ńsù yí àwọn òdo náà ká. Kò pariwo. Ó bi mí níwájú obìnrin náà bóyá ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ mú òdo wá fún òpó iná kan, ká má tilẹ̀ sọ mọ́kànlélógójì.

Mo ní, “Rárá.”

Òtítọ́ ni. N kò fi nǹkan kan kún un.

Ọ̀gá yí sí i, ó bi í bóyá ó wọ́ àwọn àmì náà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun rò pé bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ọ̀gá béèrè pé ta ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Ó wò mí. Ojú rẹ̀ kò pẹ́ lára mi. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó tún wò mí lẹ́ẹ̀kejì, ó sì kọjú sí ọ̀gá.

“Kò sẹ́ni kankan,” ó wí. “Èmi ni.”

Mo jókòó síbẹ̀. Mo gbọ́ tí ọkọ̀ ojú irin kan kọjá lọ sí ìhà Lewisham. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni ọ̀gá tó ń bi mí pé kí ló dé tí n kò fi sọ fún un bí ó ṣe yẹ kó ṣe é. Ohun tó tẹ̀ lé e ni bẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. N kò purọ́. Mo jẹ́ kí ìdáhùn rẹ̀ dúró bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá ní kí ó fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀, kí ó lọ sílé, kí ó padà wá ní Ọjọ́ Ajé láti gbọ́ ibi tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ sí. Ó sọ fún un pé ẹni tó bá ń yí àmì padà nínú oṣù ìdánwò kò lè retí ìwé iṣẹ́. Obìnrin náà gbé ẹ̀rọ kalẹ̀. Ó rọra gbé e, bí ẹni gbé àwo tanganran. Nígbà tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, “Ó dàbọ̀, Uncle.”

Lọ́jọ́ kejì, Jímọ̀ ni. Lẹ́yìn tí a kírun tán, tí mò ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ìyá rẹ̀ rí mi láti ìhà àwọn obìnrin, ó sì rìn wá. Obìnrin tó máa ń tẹ̀ sílẹ̀ kí ènìyàn ni, bí orúnkún rẹ̀ tilẹ̀ ń dùn ún. Kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ọmọ náà sọ fún un pé òun gba ìsinmi.

“Ẹ ṣeun lórí ọmọ wa,” ó wí. “Ó ní ẹ̀yin lẹ ń bá òun wo iṣẹ́ òun. Mo ní bí Alhaja bá wà láyé, bí wọn ì bá ti ṣe náà nìyẹn.”

Ìyàwó mi ni ó ń sọ. Mo ní kò tọ́pẹ́. Mo bi í léèrè orúnkún rẹ̀. Mo kúrò níbẹ̀ kíákíá, mo sì ṣìnà, mo gba Rye Lane já sí ibi tí n kò fẹ́ lọ, láàárín èrò, kí n tó mọ ibi tí mo wà.

Mo padà sí ọ́fíìsì. Mo ṣí ẹ̀dà tí mo ṣe ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èyí tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò tíì kàn. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo ṣí máàpù dípò tábìlì.

Àwọn àmì náà tẹ̀ lé ara wọn létòlétò. Wọ́n wọlé láti ẹnu ẹ́sìtéètì, wọ́n yà sọ́tùn-ún, wọ́n yí ẹ̀yìn ilé kan po, wọ́n sì jáde síbi tí àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Bí ẹsẹ̀ ènìyàn ni. Ẹni tó bá dúró sójú kan tó ń tẹ ẹ̀rọ kò lè rí bẹ́ẹ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n ní abẹ́ wọn, kò sí ìlà kankan. Gbogbo inú ẹ́sìtéètì náà ṣófo lójú kọ̀ǹpútà mi. Àwọn ìlà tó wà níbẹ̀ ni ti títì ńlá méjì tó wà lẹ́yìn ilé, ọ̀kan ní ìhà ọ̀hún, ọ̀kan ní ìhà ìhín. Kọ̀ǹpútà ti fa òpó kọ̀ọ̀kan gba inú ilé alájà márùn-ún kọjá, ó gba inú yàrá àwọn ènìyàn, ó lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ títì tí kì í ṣe tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò mọ ògiri. Ìlà tó sún mọ́ jù ni mo ní kí ó wá, òun ló sì wá.

Àwọn ọ̀nà inú ẹ́sìtéètì kò sọnù. Wọ́n wà nínú fáìlì títì tí káńsù fún wa. Lọ́dún tó ṣáájú, nígbà tí òpó etí títì ìgboro nìkan ni à ń kà, mo ti pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé kí ó fi àwọn ọ̀nà yẹn pamọ́, kí wọ́n má baà dí mi lọ́wọ́. Nígbà tí iṣẹ́ yí padà, n kò tú àṣẹ náà. Ìlà tó wà lórí kọ̀ǹpútà mi náà ni mo gbé sórí ẹ̀rọ obìnrin náà. Ó dúró sínú ẹ́sìtéètì tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ó ń wo ẹ̀rọ tó ń sọ fún un pé kò sí ọ̀nà níbẹ̀, àgbà kan sì ti kọ̀wé pé àlàfo rẹ̀ pọ̀ jù.

Mo tú àṣẹ náà. Mo tún àwọn àmì àkọ́kọ́ lẹ̀. Mítà mẹ́ta àti díẹ̀. Mẹ́rin àbọ̀. Mẹ́ta. Èyí tó jẹ́ méjìléláàádọ́ta di mẹ́rin. Kò sí pupa kankan. Mo ka gbogbo wọn lẹ́ẹ̀mejì, mo sì jókòó.

Mo lè sọ pé mo gbé fóònù láti pe ọ̀gá nígbà náà. N kò gbé e. Mo sọ fún ara mi pé nọ́ńbà nìkan kò tó, pé ó yẹ kí n lọ fojú rí i. Nígbà tí mo bá ro ó báyìí, mo mọ̀ pé alẹ́ ọjọ́ kan sí i ni mò ń wá.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo mú téèpù tí a fi ń wọn ilẹ̀, mo lọ sí ẹ́sìtéètì náà. Òòrùn ń ràn díẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti òpó àkọ́kọ́, mo fi orí téèpù há abẹ́ òkúta kan nídìí òpó, mo nà án dé àárín ọ̀nà. Mítà mẹ́ta àti díẹ̀. Mo lọ sí èkejì. Bàbá arúgbó kan, ará Jàmáíkà, yọ orí lójú fèrèsé ìsàlẹ̀, ó bi mí bóyá wọ́n fẹ́ wó ilé àwọn ni. Mo ní rárá, iná ni. Ó ní obìnrin kan tó wé orí ti wá ka iná wọ̀nyí nínú òjò lọ́jọ́ mélòó kan sẹ́yìn, ṣé a kò gbà á gbọ́ ni.

Mo kó téèpù náà. N kò wọn àwọn tó kù.

Ní Ọjọ́ Ajé, mo dé ṣáájú gbogbo ènìyàn. Bí ọ̀gá ṣe ń bọ́ kóòtù rẹ̀, mo ti dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo gbé ìwé mẹ́ta síwájú rẹ̀: ímeèlì mi, máàpù ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣófo láàárín, àti máàpù kan náà lẹ́yìn tí mo tú àṣẹ mi. Mo sọ̀rọ̀. Kò tíì gbọ́ kí n sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo sọ fún un pé obìnrin náà dúró sídìí gbogbo òpó, pé àmì àkọ́kọ́ rẹ̀ ló tọ̀nà, pé èmi ni mo yọ ọ̀nà kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, èmi náà ni mo sì ní kí ó dín àlàfo kù láìsọ bí yóò ṣe ṣe é.

Ó ka ímeèlì náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò pẹ́ láti kà. Ó bi mí bóyá mo ti mọ èyí ní Ọjọ́bọ̀.

Mo ní n kò tíì mọ̀ nípa àwọn ìlà. Mo ní mo mọ̀ nípa ímeèlì.

“Nígbà tí mo bi í pé ta ló ní kí ó ṣe é,” ó wí, “ẹ̀gbẹ́ mi lo jókòó sí.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní kí n fi àwọn ìwé náà sílẹ̀, kí n máa lọ.

Wọ́n dá obìnrin náà padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Wọ́n kọ ìwé ìkìlọ̀ fún mi, ó wà nínú fáìlì mi títí di òní, ó sì tọ́. Ẹlòmíràn ló ń yẹ ìlà tí mò ń lò wò báyìí kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun kankan. Ìyẹn náà tọ́. Nígbà tí oṣù rẹ̀ pé, wọ́n fún un ní ìwé iṣẹ́ tó dúró.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dá a padà ni mo bá a nídìí omi gbígbóná. Àwa méjì nìkan ni. Mo ti ń ro ohun tí n ó sọ láti ìjẹta. Mo ní kí ó má bínú, mo ní mo jẹ̀bi rẹ̀.

Ó da omi sínú ife rẹ̀, ó gbé kẹ́tùlù kalẹ̀. Ó ní ti àwọn ìlà kò dun òun, ó ní ẹnikẹ́ni lè gbàgbé. Ó ní ti ímeèlì náà kò dun òun, ó yẹ kí òun ti béèrè.

“Ṣùgbọ́n mo wò yín, Uncle,” ó wí. “Twice ni mo wò yín.”

“Mo rí ẹ,” mo ní.

“Mo mọ̀ pé ẹ rí mi.”

Ó mú ife rẹ̀, ó lọ jókòó sídìí tábìlì rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ó ń kí mi láàárọ̀, ó ń kí mi nírọ̀lẹ́. Uncle náà ló ṣì ń pè mí. Bí àmì rẹ̀ kan bá pupa, á wá dúró sí ẹ̀yìn àga mi, á ní kí n ṣí máàpù, á sì bi mí ní èdè òyìnbó, ní gbólóhùn tó pé, pé ìlà wo, nítorí kí ni, kí ni kí òun wá ṣe. Mo máa ń dáhùn gbogbo rẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, iṣẹ́ wa sì dára sí i. N kò mọ ìdí tí ọkàn mi fi máa ń wúwo nígbà tó bá ti padà síbi tirẹ̀. Àbí mo mọ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan lẹ́yìn èyí, ìyá rẹ̀ tún rìn wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí. Ó ní wọ́n ti kó lọ sí Lewisham láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó ní ọmọ-ọmọ òun ti ń dá sùn, kò tilẹ̀ sunkún lálẹ́ àkọ́kọ́. Ó tún tẹ̀ sílẹ̀ láti dúpẹ́.

Mo dì í mú ní ìgbápá kí orúnkún rẹ̀ tó kan ilẹ̀. Mo ní, ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ìyá, ẹ bi ọmọ yín kí ó sọ fún yín. Ó wò mí bí ẹni tí kò yé. Ó ní òun ti bi í. Ó ní ọmọ náà sọ fún òun pé Uncle ló bá òun sọ̀rọ̀ níwájú ọ̀gá.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ti wà nínú ilé náà. Tábìlì obìnrin náà ní ọ́fíìsì kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí tèmi, síbẹ̀ ẹnu ìyá rẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé wọ́n ti kó.